Ìdá Mẹ́wàá Nínú Kí Ni? Bí Owó Ìwé Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Òǹkọ̀wé

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òǹkọ̀wé, ní Aké, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́òkúta yìí ni Ìwé Ìròyìn ti jáde lọ́dún 1859, nítorí náà ìwé títẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fara balẹ̀ kà ni ìwé àdéhùn. Lónìí, ìwé kan ṣoṣo la máa gbé yẹ̀ wò, a ó sì tọ owó rẹ̀ láti ilé ìtàwé títí dé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Ká ní òǹkọ̀wé kan ní Ìtòkò kọ ìtàn àròsọ. Atẹ̀wé fún un ní ₦300,000 owó àsansílẹ̀, ó sì ṣèlérí róyátì, ìyẹn ìpín òǹkọ̀wé lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó bá tà, ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. ₦5,000 ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá gbé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wá ni pé: ìdá mẹ́wàá nínú kí ni?

Bó bá jẹ́ nínú iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé, ₦500 ni róyátì ẹ̀dà kan. Bó bá jẹ́ nínú owó tó wọlé fún atẹ̀wé, ọ̀rọ̀ yí padà, torí ilé ìtàwé kì í san ₦5,000. Ó máa ń gba ẹ̀dínwó kí òun náà lè jèrè. Bí ẹ̀dínwó náà bá jẹ́ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ₦3,000 ló wọlé, róyátì sì di ₦300. Ọ̀nà méjèèjì ló wọ́pọ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ jìbìtì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní owó tó wọlé làwọn ń lò, ẹ bèèrè ju ìdá mẹ́wàá lọ. Ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ₦3,000 ló tó fi díẹ̀ kọjá ₦500.

Ẹ jẹ́ ká wá wo owó àsansílẹ̀. Róyátì ọjọ́ iwájú ni wọ́n san ṣáájú yẹn. Gbogbo róyátì tí ìwé bá pa ni wọn yóò máa fi dí i, ìgbà tó bá kún tán ni owó mìíràn tó lè jáde. Ká ní ẹ̀dà 800 tà lọ́dún àkọ́kọ́. Ní ₦500, róyátì jẹ́ ₦400,000, wọ́n yọ ₦300,000 kúrò, òǹkọ̀wé gba ₦100,000. Ní ₦300, róyátì jẹ́ ₦240,000 péré. Ó ku ₦60,000 kí gbèsè tó kún, òǹkọ̀wé ò sì gba nǹkan kan. Ìwé kan náà ni, iye ẹ̀dà kan náà ló tà.

Ẹ rántí pé ìwé tó dé ilé ìtàwé lè padà bọ̀. Ìdí nìyẹn tí atẹ̀wé fi máa ń fa díẹ̀ lára róyátì sẹ́yìn. Kí àdéhùn sọ iye tí wọ́n lè fà sẹ́yìn àti ìgbà tí wọn yóò tú u sílẹ̀. Bí ìṣirò owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ò bá sọ iye ẹ̀dà tó tà, èyí tó padà àti owó tí wọ́n fà sẹ́yìn, ẹ kọ̀wé bèèrè.

Ibi tó ká mi lára jù ni pínpín ẹ̀tọ́. Ká ní oníṣẹ́ fíìmù kan san ₦2,000,000 láti fi ìtàn náà ṣe fíìmù. Bí àdéhùn bá ní kí wọ́n pín in sí méjì ọgbọọgba, ₦1,000,000 ni ti òǹkọ̀wé. Bó bá jẹ́ ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1,600,000 ni. Owó yìí náà sábà máa ń kọ́kọ́ lọ dí ₦60,000 tó ṣẹ́ kù lọ́hùn-ún. N kò rí ìdí tí atẹ̀wé tí kò ní ẹni tó ń bá a ta ẹ̀tọ́ fíìmù yóò fi gba ìdajì rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀tọ́ yẹn dání fúnra yín, tàbí kí ẹ gba ìpín tó pọ̀ jù.

Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022 ní kí gbígbé ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn wà lákọsílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ tí ẹ ò bá kọ fún wọn, tiyín ni. Ewu rẹ̀ ni gbólóhùn “gbogbo ẹ̀tọ́, títí láé”: ẹ̀tọ́ yìí ń wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, ogún àwọn ọmọ yín ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dárúkọ ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan: ìwé títẹ̀, ìwé orí fóònù, ìwé àfetígbọ́, ìtumọ̀, fíìmù, kí ìpín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ bèèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, bí ìwé ò bá tà ńkọ́? Ṣé màá dá ₦300,000 yẹn padà ni?”

Mo ní, “Rárá, mà. Bí ẹ bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò, tí wọ́n sì ti gbà á, atẹ̀wé ló sábà máa ń ru àdánù yẹn. Tí ẹ ò bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ rárá ni wọ́n lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdéhùn ìwé kejì yín dáadáa. Bí ó bá ní kí wọ́n fi róyátì ìwé kejì dí gbèsè ìwé kìn-ín-ní, ẹ ní kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò kí ẹ tó fọwọ́ sí i.”