Bí a ṣe ń rán aṣọ onísíkúìnì tí abẹ́rẹ́ kò fi ní ṣẹ́, tí òwú rẹ̀ kò sì ní tú

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi. Lónìí, ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì onísíkúìnì kan ṣoṣo ni a ó jọ rán, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣẹ́ abẹ́rẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n á sì máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Kí ẹ tó mú àlùmọ́gàjí, ẹ yí aṣọ náà padà, kí ẹ wo òwú tí ó di síkúìnì mú láti ẹ̀yìn. Bí ó bá rí bí ẹ̀wọ̀n, tí ojú kan ń kọ́ ojú kejì, a jẹ́ pé òwú kan ni wọ́n fi rán gbogbo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ rántí àpò ńlá tí wọ́n fi ẹ̀rọ rán ẹnu rẹ̀ pa: bí ẹ bá fa òwú rẹ̀ láti apá kan, kò ní gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á láti apá kejì, ẹnu àpò yóò ṣí wàrà. Aṣọ yìí gan-an nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rán irú rẹ̀, mo rí òwú tín-ín-rín kan tí ó yọ létí, mo sì fà á kí etí aṣọ lè mọ́. Síkúìnì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ títí ó fi dé àárín aṣọ, ọjọ́ méjì gbáko ni mo sì fi ń fi ọwọ́ rán wọn padà.

Nítorí náà, Ẹ MÁ FA ÒWÚ TÍ Ó BÁ YỌ. Ẹ MÁ FÀ Á RÁRÁ.

Ohun tí a ó ṣe ni pé kí a fi òwú aláwọ̀ mìíràn sàmì sí ojú ibi tí a ó rán, láti ẹ̀yìn aṣọ, nítorí pé ṣọ́ọ̀kì kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a tó gé ohunkóhun, a ó fi ọwọ́ rán ìlà kan tí ó fi nǹkan bíi mìlímítà 3 wọ inú ara síkẹ́ẹ̀tì ju àmì náà lọ. Abẹ́rẹ́ yóò máa padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ síwájú, yóò sì máa mú òwú ẹlẹ́wọ̀n náà níbikíbi tí ó bá ti kọjá. Ìlà yìí ni yóò dá títú dúró. Síkúìnì ara aṣọ yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà náà ni ẹ tó lè gé aṣọ, kí etí tí yóò wọ inú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.5, kí ẹ sì pa àwọn àjákù mọ́, nítorí pé a ṣì máa nílò síkúìnì orí wọn.

Ní báyìí, ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe é lódì: yíyọ síkúìnì kúrò ní etí aṣọ. Wọn a mú àlùmọ́gàjí, wọn a gé òwú. Rárá o! SÍKÚÌNÌ NI KÍ Ẹ GÉ, KÌ Í ṢE ÒWÚ. Ẹ fi ẹnu àlùmọ́gàjí kékeré gé síkúìnì láti etí rẹ̀ dé ihò àárín, yóò sì yọ kúrò fúnra rẹ̀, òwú yóò sì wà níbẹ̀ láìfarapa. Bí ó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì ni, ẹ wọ awò tí yóò dáàbò bo ojú, ẹ fi àkísà bò ó, kí ẹ sì fi púláyà fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu ìfọ́ má baà gé òwú. Èyí tí ó bá jókòó lórí àmì náà gan-an gbọ́dọ̀ kúrò pẹ̀lú, ì báà ṣe ìdajì rẹ̀ ni ó wọ ara síkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀rọ ni ó kù, kò sì le mọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tuntun nọ́ńbà 12 sí i bí aṣọ ìsàlẹ̀ bá fẹ́lẹ́, tàbí 14 bí ó bá nípọn, kí ẹ lo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń rán síìpù, kí ó máa rìn lórí etí tí a ti yọ síkúìnì rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í sábà ṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní tààrà. Ńṣe ni ó ń tì í kí ó tẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ yóò sì lọ lu irin ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tì-kì, tàbí tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fo ojú kan sílẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wá síkúìnì tí ó ṣẹ́kù, kí ẹ fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kọjá ibẹ̀.

Bí ẹ bá rán tán, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, nítorí pé síkúìnì oníke máa ń ká kò. Ìka ni kí ẹ fi tẹ ojú ìrán náà sílẹ̀. Kí ẹ wá mú síkúìnì láti ara àjákù, kí ẹ fi ọwọ́ rán an ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tí ó bá pá, kí ẹ sì máa so òwú pa lẹ́yìn ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta.