Gbèsè Mílíọ̀nù Kan, Kọ́ọ̀tù Èkó Wo Lẹ Máa Gbé E Lọ?

Ẹ kú ìjókòó o. Ká ní ẹ ń ta ìrẹsì ní Mushin, obìnrin kan tó ń se oúnjẹ òde àríyá sì ra ogún àpò lọ́wọ́ yín láwìn. Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,400,000. Ó fi ₦300,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín, ó ní kí òde tó wà níwájú òun kọjá ná. Òde ti kọjá, kò gbé fóònù yín mọ́. Ó ku ₦1,100,000.

Láyé ọjọ́un, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà á lọ lóṣòó sílé onígbèsè, wọn ò sì ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó wọn. Lónìí, kọ́ọ̀tù ni. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù wo?

Bí ẹ bá gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù gíga ti ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́yà yín á kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ àti àlàyé ẹ̀sùn, á kọ ẹ̀rí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìbúra, á sì so gbogbo rìsíìtì mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ 42 ni òfin fún onígbèsè láti fèsì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpàdé ìṣètò ẹjọ́ wà kí ìgbẹ́jọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí á wá bọ́ sí àpótí, lọ́yà kejì á da ìbéèrè bò wọ́n, tọ̀tún tòsì á tún kọ àdírẹ́ẹ̀sì ìkẹyìn sí adájọ́. Láàárín gbogbo èyí, ẹ ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n máa sún ẹjọ́ síwájú. Owó lọ́yà nìkan lè jẹ gbèsè náà tán.

Nítorí irú èyí ni Èkó ṣe dá kọ́ọ̀tù gbèsè kéékèèké sílẹ̀ lọ́dún 2018, lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ majisíréètì. Gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, wọn ò ka èlé àti owó ẹjọ́ mọ́ ọn. Ẹ lè rojọ́ fúnra yín láìgba lọ́yà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọsẹ̀ níbẹ̀: gbèsè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ẹ lè fi ìṣirò lásán yọ. ₦1,400,000, yọ ₦300,000 kúrò, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní obìnrin náà bà yín lórúkọ jẹ́ lọ́jà, kí ó sanwó ìtanràn, kò sẹ́ni tó lè ṣírò ìyẹn láìgbọ́ ẹjọ́ dé ìdí. Ìyẹn kì í ṣe ti kọ́ọ̀tù yìí rárá, ibi ìgbẹ́jọ́ kíkún ló yẹ kó lọ.

Kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi lẹ́tà béèrè owó yín lórí Fọ́ọ̀mù SCA 1, kí ẹ sì ní ẹ̀rí pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìjà orí fóònù kò dúró fún un. Bí kò bá sanwó, ẹ gba Fọ́ọ̀mù SCA 2, ẹ kọ ẹ̀sùn yín sí i. Akódà kọ́ọ̀tù ló máa mú ìwé ìpè lọ fún un, nítorí náà ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì tí èèyàn lè rí. “Lẹ́yìn mọ́sálásí” kò tó.

Tí ìwé bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọjọ́ méje péré ló ní láti fèsì. Ó lè gbà pé òun jẹ yín, ó lè jiyàn, ó sì lè ní ẹ̀yin náà jẹ òun, bóyá nítorí àpò mẹ́ta tó ní kòkòrò ti jẹ. Adájọ́ á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Bí kò bá ṣeé ṣe, á gbọ́ ẹjọ́. Láti ọjọ́ tí ẹ pẹjọ́ títí dé ìdájọ́, òfin ní kó má ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ. Àmọ́ bí ẹ̀yin olùpẹjọ́ ò bá yọjú, wọ́n lè fagi lé e.

Ká wá ní ẹ jàre. Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fò sókè nìyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ìdájọ́ kì í ṣe owó. Kọ́ọ̀tù méjèèjì ò yàtọ̀ níbí: bí obìnrin náà kò bá sanwó, ẹ̀yin lẹ máa padà lọ bẹ kọ́ọ̀tù pé kó pàṣẹ fún báńkì tó ń lò láti yọ owó náà, tàbí kí akódà lọ gbé ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ìpẹ̀jọ́ rárá, ẹ wo álẹ́ẹ̀tì owó tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, orúkọ báńkì rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Kí ẹ sì wádìí bóyá ìkòkò àti àga tó fi ń ṣòde jẹ́ tirẹ̀, tàbí ó yá wọn ni.