"Ẹ Má Bínú" Kì í Parí Ìjà: Ọ̀gá Níbi Ìpàdé Tó Gbóná

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn tó ń darí iléeṣẹ́ kéékèèké ní Òkè-Ìlewò, Abẹ́òkúta. Mo gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, àmọ́ mi ò yọ àwọn ibi tí a ti rẹ́rìn-ín.)

Ẹ káàsán o. Ta ló ti jókòó sípàdé rí níbi tí ẹnì kan ti fọwọ́ gbá tábìlì, tí ọ̀gá wá ní, "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é"? Gbogbo yín. Ó dáa, ta ni inú rẹ̀ rọ̀ torí pé wọ́n ní kó má bínú? Ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo rí yẹn, pásítọ̀ ló sì ni ín.

Ẹjọ́ tí mo wá rò lónìí nìyẹn, ẹ ó sì gbọ́ ọ títí yóò fi sú yín. Ní 1990 ni Peter Salovey àti John Mayer, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ohun tí à ń pè ní òye ìmọ̀lára. Nígbà tó yá, wọ́n pín in sí mẹ́rin: kí o rí ìmọ̀lára lójú ẹni àti lára ara rẹ, kí o mọ bó ṣe ń darí ìrònú, kí ohun tó bí i yé ọ, kí o tó wá máa darí rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí dídarí wà: òun ló kẹ́yìn. Ọ̀gá tó ń sọ pé "ẹ má bínú" ti fo mẹ́ta àkọ́kọ́. Kò tíì mọ ohun tó ń ṣe ẹni náà, ó ti ń tẹ ìmọ̀lára rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ta ìwé ẹ̀rí ọjọ́ méjì fún yín náà, kẹrin yẹn ni wọ́n ń tà. Ẹ dákun, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Títẹ ìmọ̀lára mọ́lẹ̀ ní iye tó ń náni. James Gross, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá bíi tiwọn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ léraléra: ẹni tó ń gbé ìmọ̀lára rẹ̀ pa mọ́ kò tìtorí ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ tún ń ṣiṣẹ́ ju ti ẹni tí kò pa á mọ́ lọ, kì í sì í rántí ohun tí wọ́n sọ lásìkò náà dáadáa. Ìyẹn ni pé ìpàdé tí gbogbo èèyàn ti fi ẹ̀rín bo ojú, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ fẹnu kò sí níbẹ̀ lè má wọ etí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "ṣebí a ti sọ ọ́ ní ìpàdé", ṣé ẹ ń gbọ́?

Mo ti jẹ nínú rẹ̀ rí. Níbì kan tí mo ti ṣe ọ̀gá tẹ́lẹ̀, obìnrin tó ń bójú tó owó wa bá awakọ̀ kan fa ọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n fi ti Ọlọ́run ṣe é. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sí wàhálà, mà." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, orí fóònù ni mo ti ka ìwé tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, "kò sí wàhálà" tó bá ti jáde kíákíá báyìí, etí mi máa ń nà ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibi iṣẹ́ aládìrẹ kan lẹ́bàá Ìtòkú. Èmi ni mò ń darí rẹ̀, a sì jẹ́ mẹ́jọ lórí ìjókòó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. A ti pa aró fún aṣọ ẹbí ìdì 60, àwọn oníbàárà sì ti dá 22 padà pé aró ń ṣí sí wọn lára. Ọmọbìnrin tó ń gba iṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin aláró lẹ kò ṣe é dáadáa." Bàbá tó jẹ́ olórí aláró kò pariwo. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

Ibẹ̀ gan-an lẹ ó ti rí i. Bàbá yìí, "o" ló máa ń lò fún ọmọ yẹn, "Ṣé o ti jẹun?" ni ó máa fi kí i láràárọ̀. Nígbà tó wá sọ ọ́ di "ẹ" láìsí ìdí, kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló fi fún un. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń wo èèyàn: ẹ fi í wé ara rẹ̀ lójúmọ́, ẹ má fi í wé ẹlòmíràn. Ọmọ tó ń wo ilẹ̀ lè jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀bi.

Ara tèmi náà ni mo wá yẹ̀ wò. Eyín mi ti dì, mo sì ti di bírò mú bí ẹni fẹ́ gún nǹkan. Mo jẹ́ kí èémí jáde pẹ́ ju bí mo ṣe fà á wọlé lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo mu omi díẹ̀. Ta ló máa gbọ́ ohùn ọ̀gá tí ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n? Mo wá sọ pé...

(Ibi tí mo dé nìyí tí bàbá kan láti Ìbarà na ọwọ́. Ó ní, "Mà, mo dàgbà jù yín lọ. Bí ẹ bá sọ níwájú àwọn ọmọ mi pé inú ń bí mi, ẹ ti rí mi fín." Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Mo ti pèsè ojú ìwé mẹ́rin sí i. Mo pa wọ́n dé.)

Bàbá, ẹ ti ká mi mọ́. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn, mo sì ṣì í ṣe. Mo ní, "Bàbá, ẹ ń bínú." Ó ní, "Èmi kẹ̀? Mi ò bínú o." Ojú rẹ̀ tún le sí i. Mo ti pe ìmọ̀lára rẹ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, níwájú àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Mo dá ìpàdé dúró fún ogún ìṣẹ́jú, mo ní kí wọ́n lọ jẹ búrẹ́dì. Ní ìdí ìkòkò aró ni mo ti bá bàbá, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà lé iṣẹ́ lórí dípò òun fúnra rẹ̀: "Sà, ó jọ pé ó dùn yín pé a ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ yín wò lójú àwọn ọmọ. Àbí mo ṣì í gbọ́?" "Ó jọ pé" àti "àbí mo ṣì í gbọ́" yẹn ṣe pàtàkì, torí wọ́n fún àgbà láǹfààní láti tún ọ̀rọ̀ rẹ ṣe.

Ó sì tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó ní, "Kì í ṣe ìbínú. Ojú ló ń tì mí." Èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ọ̀rọ̀ wá ń bọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹ pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ: ẹni náà á fi kún un. Bó bá jẹ́ "kò sí wàhálà" lẹ gbọ́, ẹ kò tíì débẹ̀. Bàbá ní aṣọ tó jáde látinú aró ẹlú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ó yẹ kí wọ́n sá a sí afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìrìbọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi omi ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Wọ́n ti ṣèlérí ọjọ́ mẹ́fà fún oníbàárà níbi tí ọjọ́ mẹ́wàá ti yẹ, òjò tún wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó gé àkókò sísá a sí afẹ́fẹ́ kúrú, ó sì mọ̀ pé òun gé e. Ìtìjú rẹ̀ nìyẹn.

(Wọ́n ti ń fi aago hàn mí.) Kíákíá: a padà wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbà pé òun ló gé ọjọ́. A pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ ọjọ́ fún oníbàárà láìbi bàbá. Owó àwọn 22 yẹn kò padà o. Òye ìmọ̀lára kì í san gbèsè. Bí owó oṣù kò bá sì tíì wọlé, ẹ má pe ẹnikẹ́ni wá sí ìdí ìkòkò láti sọ fún un pé ó jọ pé ó dùn ún. Ẹ sanwó.

Bàbá láti Ìbarà tún béèrè bóyá aláró náà ti dárí ji ọmọ yẹn. Mi ò bi í. Àmọ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ìpàdé náà, mo ń ka ìdì aṣọ lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi: "Ṣé o ti jẹun?"