Ìpínrọ̀ Méjì fún Ààfáà

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa tó wà lẹ́yìn odi. Lọ́ndọ̀nù la ti máa ń bá yín sọ̀rọ̀, àmọ́ lọ́sẹ̀ yìí, Ìlọrin la wà, ní Pákátà, nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá àbúrò mi. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéú láti ìta. A ò ní kí wọ́n dákẹ́.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Àǹtí mi, ẹ kú ọ̀nà Ọ̀fà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹ ǹ lẹ́ o. Ohun tó gbé mi wálé ni pé Ààfáà tó kọ́ mi ní kéú ti kú. Àdúà ogójì ọjọ́ ni lọ́jọ́ Àìkú. Àwa tí a kọ́ kéú lọ́dọ̀ wọn fẹ́ tẹ ìwé pélébé kan, ìpínrọ̀ kan péré ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo kọ tèmi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì mọ èyí tí màá fún wọn.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Ó fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Mo ní kó má sọ èyí tó kọ́kọ́ kọ fún mi, nítorí mo mọ ara mi. Tí wọ́n bá ti sọ fún mi pé èyí ni wọ́n tún ṣe, ibi tó fi dára jù lojú mi á máa wá. Ó yá, kà wọ́n, kí gbogbo èèyàn gbọ́.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Èyí ni àkọ́kọ́. "Ààfáà jẹ́ olùkọ́ àtàtà, onísùúrù àti olùfọkànsìn, tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn sin ìmọ̀. Ipa ribiribi tí wọ́n kó nínú ìgbésí ayé wa kò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n jẹ́ bàbá fún gbogbo wa, wọ́n sì jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Àlàfo ńlá ni ikú wọn fi sílẹ̀. Títí di àná, mo ṣì ń rò pé màá bá wọn nílé. Kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n."

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Àmín. Èkejì ńkọ́?

ỌMỌ ÌLỌRIN: "Lẹ́tà kan wà tí kì í yọ lẹ́nu mi, àyín ni. Bí álífù ni mo máa ń pè é. Tí Ààfáà bá dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á fi ìka sí abẹ́ rẹ̀ lórí wàláà, wọ́n á pè é, wọ́n á sì dúró. Wọn kì í sọ pé mo ṣì í. Wọn kò fi pàṣán kan ọmọ kankan rí. Lọ́jọ́ tí àyín yọ lẹ́nu mi, wọ́n ní, 'Lọ fọ wàláà rẹ.'"

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kà wọ́n, torí pé bí èèyàn bá kàn kà á lẹ́ẹ̀kan, ó lè ṣìnà. Èkejì yẹn gùn tó ìlọ́po méjì àkọ́kọ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi. Mo ní kó gé e kúrú títí gígùn wọn á fi sún mọ́ra. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jù máa ń jọ ẹni tó fẹ́ràn òkú jù lójú wa, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ló kàn pọ̀. Lẹ́yìn náà, mo ka àkọ́kọ́ ṣáájú lálẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, èkejì ni mo kọ́kọ́ kà.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Ṣé ó yàtọ̀ ni?

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Ó yàtọ̀ gan-an. Lálẹ́, mo rò pé àkọ́kọ́ wúwo, ó ní ọlá, mo tiẹ̀ ń rò ó pé bóyá òun ló yẹ àwọn àgbààgbà. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí mo ti rí ìka Ààfáà lábẹ́ lẹ́tà náà, mo ka "olùkọ́ àtàtà", mi ò rí ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo bá kà ṣáájú ló máa ń di òṣùwọ̀n fún ìkejì, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yí wọn. Ohun tí mo bá rí nígbà méjèèjì ni mo máa ń gbà. Mo sì kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ kí n tó pè ọ́, kí ohùn rẹ má baà yí mi lọ́kàn padà.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Kí lẹ kọ?

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Mo kọ ọ́ pé, "Yọ Ààfáà kúrò." Mo yọ "Ààfáà" nínú àkọ́kọ́, mo fi "Ìyálọ́jà" sí i. Ó dúró. Mo fi ọ̀gá mẹkáníìkì tó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ sí i, ó tún dúró, àfi "sin ìmọ̀" nìkan ló mì díẹ̀. Mo wá ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Ìyálọ́jà wo ló ń fi ìka sí abẹ́ àyín? Kò wọlé rárá. Ìpínrọ̀ tó bá lè bá òkú mẹ́ta lọ sí itẹ́ mẹ́ta kò tíì mọ òkú kankan.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Àǹtí mi, mo fẹ́ jà fún un díẹ̀. Ṣé oríkì ńkọ́? Gbogbo ọmọ Ọ̀fà ni ẹ máa ń kì pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ọ̀rọ̀ àjọlò ni. Ṣé irọ́ ni?

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Rárá o. Gbé "ìjàkadì lorò Ọ̀fà" lọ sí Òmù-Àrán, kí o wo bí wọ́n á ṣe gbà á. Oríkì jẹ́ ti gbogbo wa, àmọ́ ó ní ilé. "Ipa ribiribi" kò ní ilé. Inú ìwé ìròyìn ló ti wá, àwọn oníròyìn náà sì tú u láti inú Gẹ̀ẹ́sì. "Àlàfo tí ikú fi sílẹ̀" náà, nígbà tí bàbá wa kú, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nípa àlàfo nínú ilé wa. Ìyá mi kàn ń sọ pé ilé tóbi jù. "Kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n" yàtọ̀ ní tirẹ̀. Àdúà ni, Ọlọ́hun lò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wá ọ̀rọ̀ tuntun fún àdúà.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Ó yé mi. Mo mọ̀ pé ohùn mi yí padà nígbà tí mo ń ka àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dà bíi ti ẹni tó ń kéde òkú lórí rédíò.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Mo gbọ́ ọ. Ó tún ku "onísùúrù". Ìdájọ́ tìrẹ nìyẹn, à ń gbà á lẹ́nu rẹ ni. Àmọ́ tí o bá ní "wọ́n á pè é, wọ́n á sì dúró", èmi fúnra mi ni mo sọ pé onísùúrù ni bàbá yìí. O ò sọ ọ́ fún mi.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Mo tiẹ̀ fẹ́ fi kún un pé fìlà funfun ni wọ́n máa ń dé, pé ìgbà òjò ni, pé ojú ọ̀nà pupa.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Má fi kún un. Ààfáà wo ni kì í dé fìlà funfun? Yọ ọ́ wò bóyá nǹkan kan á ṣubú. Tí o bá yọ fìlà, kò sí ohun tó yí padà. Tí o bá yọ ìka, gbogbo ìpínrọ̀ náà ti wó. Àwọn kan máa ń rò pé tí ọjọ́ àti àwọ̀ bá ti pọ̀, òótọ́ ti dé. Opùrọ́ pàápàá máa ń mọ àwọ̀ aṣọ.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Fún àwọn tí ò kọ́ kéú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wàláà. Pátákó ni, a máa ń fi gègé àti tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. A ó máa kà á títí tí a ó fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ kì í dédé fọ wàláà rẹ̀. Ààfáà ló máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n tó ní kó lọ fọ̀ ọ́, kó sì kọ tuntun. Torí náà, "Lọ fọ wàláà rẹ" ni ìyìn tó tóbi jù tí mo gbà lọ́dọ̀ wọn.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: O rí i, o ò ṣàlàyé ìyẹn nínú ìpínrọ̀ náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àwọn tó máa kà á lọ́jọ́ Àìkú ti fọ wàláà rí. Wàyí o, ìbéèrè tó ká mi lára jù ló kù. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí o kọ, èwo ni ẹni tó bá yín kọ́ kéú lè dìde sí, kó ní irọ́ ni?

ỌMỌ ÌLỌRIN: Nínú àkọ́kọ́, kò sí.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Kò sí, torí pé kò sọ nǹkan kan. Èkejì ńkọ́?

ỌMỌ ÌLỌRIN: Pàṣán.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo gbólóhùn tó kù ń sọ ohun tí o rí. Ìyẹn nìkan ló sọ "ọmọ kankan" àti "rí". Ó ń pariwo láàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Wọ́n nà mí, Àǹtí mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo da tàdáwà sára wàláà ọmọ kan tó ti kọ tirẹ̀ tán, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Pàṣán mẹ́ta ní àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n fọ wàláà ọmọ náà, kí n bá a kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán. Ẹ̀rù ló bà mí láti kọ ìyẹn. Mo ní kí wọ́n má baà rò pé mo ń bú òkú.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Níwọ̀n ìgbà tí a ò bá dárúkọ ọmọ yẹn, kò sí ẹni tó máa rò bẹ́ẹ̀. Bàbá tó jókòó ti ọmọ tó ṣẹ̀ títí ó fi tún un ṣe, bàbá tó dúró de àyín náà ni. Tí o bá fi irọ́ kékeré yẹn síbẹ̀, àwọn tó jọ kọ́ kéú á rí i, wọn ò sì ní gba ìka gbọ́ mọ́.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Èkejì lẹ mú nìyẹn.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Èkejì ni, àmọ́ gbólóhùn kan nínú àkọ́kọ́ wù mí ju gbogbo èkejì lọ. "Títí di àná, mo ṣì ń rò pé màá bá wọn nílé." Kò ní wàláà, kò ní ìka, ẹnikẹ́ni tí èèyàn rẹ̀ kú sì lè sọ ọ́. Mo gbé e yẹ̀ wò gan-an, torí ó kọjú sí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, kò sí bí o ṣe lè wí i láìjẹ́ pé ó ṣe ọ́. Kò yin ẹnikẹ́ni, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Fi í sí i.

ỌMỌ ÌLỌRIN: Mo ti ń kọ ọ́. Ẹ gbọ́. "Lẹ́tà kan wà tí kì í yọ lẹ́nu mi, àyín ni. Bí álífù ni mo máa ń pè é. Tí Ààfáà bá dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á fi ìka sí abẹ́ rẹ̀ lórí wàláà, wọ́n á pè é, wọ́n á sì dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n nà mí, nígbà tí mo ba wàláà ọmọ mìíràn jẹ́. Wọ́n ní kí n bá a tún un kọ, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán. Lọ́jọ́ tí àyín yọ lẹ́nu mi, wọ́n ní, 'Lọ fọ wàláà rẹ.' Títí di àná, mo ṣì ń rò pé màá bá wọn nílé. Kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n."

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Àmín. Ṣé àná náà ni o dé ilé wọn?

ỌMỌ ÌLỌRIN: Àná ni. Mo kan ilẹ̀kùn, mo sì ń retí ohùn wọn.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.