Ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùdarí ètò sọ ní Ìlọrin ni mo kọ síbí. Mo fi ìbéèrè tó yí i padà sílẹ̀ bó ṣe wáyé.

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tí wọ́n fún ní ìṣẹ́jú márùn-ún níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tó wá lo mẹ́jọ, kì í ṣe pé ó fẹ́ jẹ àsìkò ẹlòmíràn. Ìṣirò ló tàn án. Ó ka iye ọ̀rọ̀ tó kọ, ó fi iye tí wọ́n ní ènìyàn ń sọ ní ìṣẹ́jú kan pín in, ó sì gbà pé ó parí.

Àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ á sọ fún yín pé 130 sí 150 ọ̀rọ̀ ni ènìyàn ń sọ ní ìṣẹ́jú kan níwájú èrò. Iye yẹn dára fún Gẹ̀ẹ́sì, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá gbé e wá sínú Yorùbá bẹ́ẹ̀ ń fi kóńgò gaàrí wọn epo ni, mo sì ti ń bá wọn jà lórí rẹ̀ tipẹ́.

Ẹ wò ó. "Ó ti lọ": ọ̀rọ̀ mẹ́ta, sílébù mẹ́ta. "Yunifásítì": ọ̀rọ̀ kan péré, sílébù márùn-ún. Kọ̀ǹpútà á ní ti àkọ́kọ́ gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, ẹnu yín sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹnìkan á kọ "nítorí pé", ẹlòmíràn á kọ ọ́ pọ̀, "nítorípé". Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà, kò mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n sọ. A ń kọ "sí ilé", a ń sọ "sílé". Fáwẹ̀lì kan ti pòórá kó tó dé etí. Èyí tó burú jù ni nọ́ńbà. Ẹ kọ 1978, ọ̀rọ̀ kan ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ wá kà á jáde: ẹgbàá ó dín méjìlélógún. Sílébù mẹ́wàá nìyẹn. Ẹni tó to ọdún mẹ́fà sínú ìtàn ìgbésí ayé olóògbé ti fi nǹkan bí ọgọ́ta sílébù pamọ́ fún ara rẹ̀ láì mọ̀.

Nítorí náà, ẹnu ara yín ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ mú ìtàn lásán tí ẹ fúnra yín kọ, ẹ dìde dúró, ẹ kà á síta, kí fóònù máa ka ìṣẹ́jú kan. Ẹ fàmì síbi tí ẹ dé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ro ó pọ̀, ẹ fi mẹ́ta pín in. Kíkà sínú kò ràn yín lọ́wọ́, torí ojú yára ju ahọ́n lọ. Tèmi jẹ́ 120 lórí ìtàn lásán, ṣùgbọ́n lórí ìtàn lásán nìkan ni.

Ọmọkùnrin kan mú ọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ tó ṣaláìsí wá bá mi. Ọ̀rọ̀ 600 ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún un. Nígbà tí a wọn tirẹ̀, òun náà ń sọ 120, 600 sì pín sí márùn-ún gẹ́ẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Mo ní kó jẹ́ ká pín ìwé náà sí mẹ́rin.

Ìtàn lásán kó 240 ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú méjì, kò sí ìjà níbẹ̀.

Bàbá náà ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀rọ, ọmọ náà sì fi 150 ọ̀rọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún: bí wọ́n ṣe ń da álọ́ọ̀mù sómi kí ìdọ̀tí lè dìpọ̀ kó sì rì, bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn kọjá, bí wọ́n ṣe ń fi kilorín pa kòkòrò lẹ́yìn náà. Ibí ni ọ̀rọ̀ gígùn pọ̀ sí, olùgbọ́ sì ní láti rí ohun kan lọ́kàn kí èkejì tó dé. Ìwọ̀n rẹ̀ já sí 100. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.

Ẹ̀rín gba 120 ọ̀rọ̀. Bàbá yìí kì í mu omi ilé onílé láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n lọ tọrọ ìyàwó, àwọn àna gbé omi wá, ó fi kan ahọ́n, ó ní: "Kilorín yìí ti pọ̀ jù." Tí ẹ bá ń sọ irú èyí, ẹ sáré lórí bí wọ́n ṣe wọlé tí wọ́n jókòó, ẹ wá dúró díẹ̀ kí bàbá tó lanu. Eré àti ìdúró pa ara wọn jẹ, iye ọ̀rọ̀ ṣì wà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rín èrò ni kò sí nínú ìwé. Ibi ẹ̀rín mẹ́ta, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, 15 nìyẹn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rín ti sọ gbólóhùn tó kàn nù. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó kú tán.

Ikú ló kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ 90. Ohun tí bàbá sọ gbẹ̀yìn ni: "Ṣé omi ti dé?" Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá méjì lórí ìwé. Nígbà tí ọmọ náà kà á, ó dákẹ́ ṣáájú rẹ̀, ó dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, aago mi ka 14. Ìwọ̀n apá yìí jẹ́ 75, ìyẹn ìṣẹ́jú kan àti àáyá 12, ká fi 18 kún un fún ìdákẹ́ mẹ́ta: ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà àti àáyá 15. Ó fi àáyá 75 kọjá. Ọ̀rọ̀ kan nínú àlàyé omi ń gba àáyá 0.6, ọ̀kan nínú ìtàn ń gba 0.5. A gé ọ̀rọ̀ 75 kúrò nínú ti omi, àáyá 45. A gé 60 nínú ìtàn, àáyá 30. A ò fọwọ́ kan ikú.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ ń tú lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tó máa ń gba nǹkan bí ìlọ́po méjì àsìkò, ni ìyá kan nawọ́ lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí màmá mi kú, mo kọ ti ìṣẹ́jú márùn-ún, mo parí ní mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà mí pé mà á sunkún, mo bá ń sáré. Ibo ni ọ̀rọ̀ 75 ní ìṣẹ́jú kan tiyín wà nínú ìyẹn?"

Òtítọ́ ló sọ. 75 jẹ́ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ọ̀fọ̀ tútù a máa léni sáré, ó sì lè dáni dúró pátápátá. Iye kan ṣoṣo kò lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ètò, ẹ fi àyè ìṣẹ́jú mẹ́ta sí méje sílẹ̀ fún un, kí mọ̀lẹ́bí kan sì dúró tì í pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé náà. Èémí lẹ ó fi mọ ẹni tó ń sáré. Tó bá ka ìlà méjì láì mí, ó ti ń sá lọ. Kí ó kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀, gàdàgbà, kó sì mí níparí ìlà.

Ìwé náà ṣì wà nínú fóònù rẹ̀. Mo ní kó ka ogójì ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún wa. Àáyá 14. A jọ dá gbólóhùn náà sí ìlà márùn-ún, ó tún un kà, ó ń mí. Àáyá 24. Ìgbà kejì yẹn ni a tó gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀.