Ẹ Jẹ́ Kí Ìwé Ìsanwó Yín Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Bá Ayánilówó Wa Dúnàádúrà Lórí Èlé

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹni tí ó ti ń san ẹ̀yáwó kan bọ̀ fún bí ọdún kan, tí kò pẹ́ san rí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé èlé tí wọ́n bù lé e lọ́jọ́ tí wọn kò tíì mọ irú ẹni tí ó jẹ́ ni ó ṣì ń san títí di òní. Mo gbà pé ẹ ti mọ ohun tí èlé jẹ́, nítorí náà n kò ní fi àsìkò yín ṣòfò lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni bí a ṣe lè padà lọ bá ayánilówó kan náà, kí a gbé ìwé ìsanwó wa ka iwájú rẹ̀, kí a sì ní kí ó dín èlé náà kù.

Kí a tó lọ, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n dín kù gan-an. Èlé kì í ṣe ẹyọ ohun kan. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ iye tí ayánilówó fúnra rẹ̀ fi rí owó náà, nítorí pé owó olówó ni báǹkì ń yá ènìyàn. Apá kan jẹ́ ti ìnáwó ọ́fíìsì àti owó oṣù òṣìṣẹ́, apá kan sì jẹ́ èrè. Apá tí ó kù ni ó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó lè yáwó kí ó má san án, òun sì ni mo máa ń pè ní owó agbòjò. Lọ́jọ́ tí ẹ yáwó, ojú ọ̀run ṣú lójú ayánilówó, kò mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀, ni ó bá ní kí ẹ san owó agbòjò. Oṣù méjìlá ti kọjá báyìí, ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo kò kán, síbẹ̀ owó agbòjò náà kò yí padà. Owó agbòjò yìí nìkan ni ìwé ìsanwó yín lè bá jà. Kò sí bí ìwé náà ṣe lè mọ́ tó tí yóò fi dín iye tí ayánilówó fi rí owó kù.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wo èlé tí wọ́n ń polówó fún àwọn oníbàárà tuntun lórí irú ẹ̀yáwó tiyín. Bí tiwọn bá kéré sí tiyín, ẹ ti rí ọ̀rọ̀ sọ: ẹni tí wọn kò mọ̀ rí kò yẹ kí ó san èlé tí ó kéré sí ti ẹni tí ó ti san án fún oṣù méjìlá láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èlé bá ti gòkè níbi gbogbo láti ìgbà tí ẹ ti yáwó, ó lè jẹ́ pé èlé tí ẹ ń san lọ́wọ́ gan-an ni ó dára jù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Ó dáa. Ibi tí púpọ̀ nínú yín ti ń ṣìṣe nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ máa ń bẹ̀bẹ̀! Èmi náà bẹ̀bẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ. Mo jókòó síwájú òṣìṣẹ́ kan, mo ní nǹkan ti le, owó oṣooṣù yìí sì ń ni mí lára. Ó fi sùúrù gbọ́ mi, ó bi mí bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé fọ́ọ̀mù kan jáde. Inú mi dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Nígbà tí mo ka fọ́ọ̀mù náà délé, mo rí i pé èlé kò dín rárá, wọ́n kàn fa ọjọ́ ìsanwó gùn ni. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣòro ìsanwó ni ó fà á. Èmi tí n kò pẹ́ san rí ni mo fi ẹnu ara mi sọ ara mi di ẹni tí ó lè má san. Òjò tí kò rọ̀ láti ọjọ́ yìí, èmi ni mo lọ fi ẹnu mi ṣú u. Mo dúpẹ́ pé n kò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà.

Nítorí náà mo tún un sọ, mo sì ń pariwo rẹ̀: Ẹ MÁ SỌ PÉ AGBÁRA YÍN KÒ KÁ A. Ẹ sọ pé ẹ ti san án dáadáa. Bí agbára yín kò bá ká a ní òtítọ́, ọ̀nà mìíràn wà fún ìyẹn, ó sì yẹ kí ẹ tètè lọ sọ fún wọn kí oṣù tó yẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu kan náà ní ọjọ́ kan náà.

Báwo ni a ṣe wá ń ṣe é? Ẹ ní kí ayánilówó fún yín ní àkọsílẹ̀ ìsanwó tí ó fi ọjọ́ tí owó yẹ kí ó wọlé àti ọjọ́ tí ó wọlé hàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe gbára lé ohun tí ẹ rántí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù ni owó yẹ kí ó wọlé, tí ọjọ́ náà sì bọ́ sí Sátidé. Ẹ fi owó ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, kò wọlé títí di ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ wọn sì kọ ọ́ pé ẹ fi ọjọ́ méjì pẹ́. Ẹ̀yin ń sọ pé ẹ kò pẹ́ rí, ìwé wọn sì ń sọ pé ẹ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ẹ̀rí ọjọ́ tí ẹ fi owó ránṣẹ́, kí ẹ kọ̀wé kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹ sì dúró títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó mẹ́nu ba èlé. Bí ilé iṣẹ́ kan bá wà tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ayáwó ní ibi tí ẹ wà, ẹ yẹ tiwọn wò pẹ̀lú, nítorí pé ibẹ̀ ni ayánilówó yóò ti wá yín wò.

Ẹni tí ó bá gbé fóònù kì í sábà ní agbára láti dín èlé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé ta ni ó lè fọwọ́ sí àtúnyẹ̀wò èlé, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí ẹni náà. Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ wo bí mo ṣe máa ń kọ ọ́:

“Mo yá mílíọ̀nù kan lọ́wọ́ yín fún oṣù 36, ní èlé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Mo ti san oṣù 12, kò sì sí èyí tí ó pẹ́ nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tí mo fi mọ́ lẹ́tà yìí ti fi hàn. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe àtúnyẹ̀wò èlé náà sí ìdá 18, kí oṣù 24 tí ó kù má sì yí padà.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo dárúkọ iye kan. Bí ẹ bá kàn sọ pé “ẹ bá mi dín in,” wọ́n lè dín ìdàjì ìdá kan, kí wọ́n sì ní àwọn ti ṣe é. Ẹ tún ṣàkíyèsí gbólóhùn tí ó kẹ́yìn, nítorí pé òun ni ó gbé owó tó pọ̀ jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé orí gbèsè tí ó kù ni wọ́n ń ṣírò èlé sí lóṣooṣù, owó oṣooṣù ẹni yìí jẹ́ 39,233. Lẹ́yìn oṣù 12, gbèsè tí ó kù jẹ́ nǹkan bí 742,000. Èlé tí ó ti san lọ́dún kan yìí jẹ́ nǹkan bí 212,800, bẹ́ẹ̀ gbogbo èlé ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju nǹkan bí 412,400 lọ. Ó ti san ju ìdajì èlé lọ! Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ dúró di ọdún kẹta: nígbà náà, èlé tí ó kù láti dín kò tó nǹkan.

Wọ́n gbà fún un ní ìdá 18, oṣù 24 kò yí padà. Owó oṣooṣù rẹ̀ di 37,046. Ó dín 2,187 lóṣù, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 52,500 kí gbèsè tó tán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n sábà máa ń fi lọ ènìyàn dípò rẹ̀. Wọ́n á ní, “A ti dín èlé yín sí 18, a sì ti tún un tò sí oṣù 36 kí ó lè rọ̀ yín lọ́rùn. Owó oṣooṣù yín ti di 26,827.” Ẹ wo bí nọ́ńbà yẹn ṣe dára lójú! Ẹ wá fi oṣù 36 sọ ọ́ di púpọ̀: ó lé ní 965,700. Bí ẹni yìí bá ti jókòó sílé rẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí ó ń bá èlé ìdá 24 rẹ̀ lọ, nǹkan bí 941,600 ni ì bá san. Èlé dín, gbèsè sì fi nǹkan bí 24,000 wọ́n sí i. Ẹ MÁ WO OWÓ OṢOOṢÙ NÌKAN. Iye oṣù tí ó kù ni kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.

Bí wọ́n bá béèrè owó ìwé fún àtúnṣe náà, ẹ fi iye tí ó ń dín lóṣù pín in. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí owó ìwé bá jẹ́ 7,420, oṣù mẹ́rin kò ní pé kí ó tó padà wọlé. Bí ó bá jẹ́ 50,000, ẹ kí wọn, kí ẹ sì máa lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé orí gbogbo owó tí ẹ yá níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò èlé yín sí títí dé òpin, ìṣírò tí mo ṣe yìí kò bá tiyín mu. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní gbogbo owó tí yóò jáde lápò yín láti òní títí gbèsè yóò fi tán, ní ti àtijọ́ àti ní ti tuntun, kí ẹ fi méjèèjì wéra.

Wọ́n lè sọ pé rárá. Ẹ bi wọ́n pé kí ni ó kù: ṣé oṣù tí ẹ ti san kò tíì tó ni, àbí àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí ni kò gba àyípadà? Bí ó bá jẹ́ oṣù ni, ẹ kọ iye oṣù tí wọ́n dárúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ tí ó bá pé. Ẹ lè lọ bá ayánilówó mìíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí àdéhùn yín sọ nípa owó ìtanràn fún ẹni tí ó bá san gbèsè tán ṣáájú àkókò. Ẹ má sì ṣe fi ayánilówó tí kò sí níbì kankan halẹ̀ mọ́ wọn, nítorí pé wọ́n lè ní kí ẹ mú ìwé rẹ̀ wá.

Bí wọ́n bá gbà lórí fóònù, kò tíì parí. Ẹ dúró de lẹ́tà tí ó sọ èlé tuntun, iye oṣù tí ó kù, owó oṣooṣù, àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Títí lẹ́tà náà yóò fi dé ọwọ́ yín, owó oṣooṣù àtijọ́ ni kí ẹ máa san, kí ó sì pé. Mo mọ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí san iye tuntun ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú lẹ́tà, ẹ̀rọ wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó rẹ̀ kò pé.