Sikíríìpù tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà Niú Yọ́ọ̀kì: ohun tí ẹni tó ń gbaṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀

Ẹ káàsán o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa gbé iṣẹ́ yìí lé àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́, mo wá ní kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ, torí tó bá dẹnu kọlẹ̀ lálẹ́, ẹni tó bá wà nítòsí ló máa tún un ṣe.

Níṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń wo iye tí wọ́n ń ta ṣíà, á kọ ọ́ sínú tábìlì. Fáìlì méjì ló ń kà: `symbols.txt`, orúkọ àwọn ṣíà tí à ń ṣọ́ nìyẹn, àti `holidays.txt`, ọjọ́ tí wọn ò ní ṣí ọjà àtọjọ́ tí wọ́n á tètè tì í, bíi Jímọ̀ 28 Nofẹ́ńbà 2025 tí wọ́n tì í ní aago kan ọ̀sán tiwọn. Ọdọọdún lẹ máa tún èyí kọ.

Aago gan-an ló le. Ọjà yẹn máa ń ṣí ní 9:30 àárọ̀, á tì ní 16:00, ṣùgbọ́n wọ́n ń yí aago wọn ní Amẹ́ríkà, àwa kì í yí tiwa. Nígbà òtútù wọn, 15:30 sí 22:00 ni lÉkòó, nígbà ooru ó di 14:30 sí 21:00. Aago Èkó ni mo kọ sínú `cron` tẹ́lẹ̀. Ní Sọ́ńdè 9 Máàṣì 2025 wọ́n sún aago síwájú, nígbà tó di Mọ́ńdè sikíríìpù bẹ̀rẹ̀ ní 15:30 bó ṣe máa ń ṣe, ọjà sì ti ná fún wákàtí kan gbáko. Kò sí ímeèlì ìkìlọ̀ kankan, torí ìlà 78 ni mo ní kó máa retí fún ṣíà kọ̀ọ̀kan, 78 náà ló sì rí. Tọ́sìdeè ni mo fojú ara mi wo tábìlì, mo wá rí i pé ìlà méjìlá tó gbẹ̀yìn, 21:00 sí 21:55, iye kan náà ni gbogbo wọn. Ọjà ti tì, ó ṣì ń kọ iye ìparí. Ó dùn mí gan-an, torí wákàtí àkọ́kọ́ tó sọnù yẹn ni iye máa ń fò sókè-sódò jù.

Bó ṣe wà báyìí rèé:

```
CRON_TZ=America/New_York
*/5 9-16 * * 1-5 /opt/oja/wo_oja.sh
```

Sikíríìpù fúnra rẹ̀ ló ń fo ohun tó bá ṣáájú 9:30 àtohun tó bá kọjá 15:55. Kì í ṣe gbogbo `cron` ló mọ `CRON_TZ` o, tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ó tún ń wo ìgbà tí wọ́n ra ṣíà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, tó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí ọjà ṣì ṣí, á fi ímeèlì ránṣẹ́.

Tọ́jọ́ kan bá bàjẹ́, ẹ fi `#` síwájú ìlà `cron` yẹn kó dúró ná, ẹ da tábìlì kọ sí ibòmíì, kẹ́ ẹ wá pa gbogbo ìlà ọjọ́ yẹn rẹ́. Ẹ má fo pípa rẹ́ yẹn o, torí ìlà tó kú ní aago tiẹ̀, èyí tuntun ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà:

```
./wo_oja.sh --date 2025-03-10
```

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́, 13:30 `UTC` ló yẹ kó jẹ́ nígbà ooru, 14:30 nígbà òtútù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ọjọ́ tó kàn, tó bá sì tán, ẹ yọ `#` yẹn kúrò.